Bí A Ṣe Ń Tú Kóòdù Àtijọ́ Láì Ba Iṣẹ́ Rẹ̀ Jẹ́

Ní ọjọ́ 1, Oṣù Kẹjọ, ọdún 2012, ọjà ìpín-ìdókòwò ìlú Niu Yọ́ọ̀kì ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ bó ṣe máa ń ṣí. Knight Capital jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alágbàtà ńláńlá ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń bá oníbàárà ra ìpín, òun náà ni wọ́n fi ń tà á. Láàárín ìṣẹ́jú 45, kọ̀ǹpútà wọn rà, ó tà, ó tún rà, títí ìpín tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá fi lé ní mílíọ̀nù 397. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ 212 péré ni àwọn oníbàárà rán an. Àdánù tó bá ilé-iṣẹ́ náà lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó fi di ọdún kejì, kò lè dá dúró mọ́. Ó dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Getco.

Àjọ SEC, tó ń mójú tó ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà, wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2013. Kì í ṣe olè orí ẹ̀rọ ló wọlé. Nínú kóòdù ilé-iṣẹ́ náà ni iṣẹ́ àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Power Peg. Láti ọdún 2003 ni wọn kò ti lò ó mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́ kúrò. Òǹkà kan wà nínú ètò náà tó ń ṣírò iye ìpín tí wọ́n ti rà, kí Power Peg lè mọ ìgbà tí ohun tí oníbàárà fẹ́ pé, kó sì dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2005, wọ́n gbé òǹkà yìí kúrò níbi tó wà, wọ́n mú un lọ síbi tó ṣáájú nínú kóòdù náà. Wọn kò dán Power Peg wò lẹ́yìn ìyẹn.

Ọdún méje ni ewu náà fi sùn síbẹ̀. Ní ọdún 2012, wọ́n kọ iṣẹ́ tuntun kan, wọ́n sì nílò àmì tí yóò máa tàn án. Wọ́n mú àmì tí Power Peg ń lò tẹ́lẹ̀. Sáfà mẹ́jọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Kóòdù tuntun dé orí méje, wọ́n gbàgbé ìkẹjọ. Nígbà tí ọjà ṣí tí àmì náà tàn, sáfà méje ṣe iṣẹ́ tuntun bó ṣe yẹ. Ìkẹjọ jí Power Peg dìde. Òǹkà kò sí níbi tó ti lè gbọ́ ọ mọ́, nítorí náà kò mọ ìgbà tó tó. Ó kàn ń rán iṣẹ́ sọ́jà lọ ni.

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, sáfà tí wọ́n gbàgbé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dì mú. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń fi kóòdù jẹun, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2005 ló yẹ kó bà á lẹ́rù jù. Òǹkà yẹn kò bàjẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò yí padà. Ipò rẹ̀ nìkan ló yí padà, ìyẹn nìkan sì tó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, kí a gbé ìlà kóòdù láti ibì kan lọ síbòmíràn, ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pín fọ́ńkíṣọ̀n ńlá sí wẹ́wẹ́ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń ṣe é tí nǹkan kì í fi í bàjẹ́, ọ̀nà náà ni àròkọ yìí fẹ́ tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Fọ́ńkíṣọ̀n tó ga ju ẹni tó ń kà á lọ

Fọ́ńkíṣọ̀n ni ìdì ìlànà tí a fún lórúkọ kan nínú ètò kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pe orúkọ náà, kọ̀ǹpútà á ṣe àwọn ìlànà inú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ láti òkè délẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́, ó lè máà ju ìlà mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ni oníbàárà kan ní ọjà tòun yàtọ̀, ẹni tó wà níbi iṣẹ́ á sì fi `if` kan há àárín. Ẹlòmíràn dé lọ́dún kejì, ó fi `if` mìíràn sínú ti àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì kúrò níbi iṣẹ́, wọn kò kọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é sílẹ̀. Báyìí ni fọ́ńkíṣọ̀n ṣe ń di ìlà 300, ìlà 1,000, tí kò sì sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ gbogbo ohun tó ń ṣe.

Michael Feathers, ará Amẹ́ríkà tó ti pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí, kọ ìwé kan lé e lórí ní ọdún 2004, tí àwọn oníṣẹ́ kóòdù ṣì ń lò títí dòní. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń sọ kóòdù di àtijọ́. Kóòdù tí kò ní àyẹ̀wò tó ń ṣọ́ ọ ni kóòdù àtijọ́, ìbáà jẹ́ àná ni wọ́n kọ ọ́. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé, bí kò bá sí àyẹ̀wò, ẹni tó yí ìlà kan padà kò ní ọ̀nà kankan láti mọ̀ bóyá ó ti ba nǹkan jẹ́.

Àpẹẹrẹ tó dára jù láti fi wo iṣẹ́ yìí ni Gilded Rose. Terry Hughes ló dá a sílẹ̀ fún ìdánrawò, Bobby Johnson gbé e jáde fún aráyé, Emily Bache sì tún un kọ ní oríṣiríṣi èdè kọ̀ǹpútà, débi pé ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí. Ilé ìtajà àròsọ ni. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó ní `sell_in`, ìyẹn iye ọjọ́ tó kù kí àkókò títà rẹ̀ kọjá, ó sì ní `quality`, ìyẹn bó ṣe dára tó. Ní alaalẹ́, fọ́ńkíṣọ̀n kan ṣoṣo tó ń jẹ́ `update_quality` ni wọ́n fi ń tún iye méjèèjì ṣe fún gbogbo ọjà.

Ọjà lásán ń dín ní ìdára lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ títà rẹ̀ bá kọjá, ìlọ́po méjì ni yóò máa dín. Wàràkàṣì tí wọ́n ń pè ní Aged Brie ń dára sí i bó ṣe ń gbó. Tíkẹ́ẹ̀tì òde orin ń níye lórí sí i bí ọjọ́ òde ṣe ń sún mọ́: ó ń fi 2 pọ̀ bó bá ku ọjọ́ 10 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ó ń fi 3 pọ̀ bó bá ku ọjọ́ 5 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń di 0 lẹ́yìn òde. Ọjà kẹrin, Sulfuras, kì í yí padà rárá. Ìdára kankan kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 0, bẹ́ẹ̀ ni, yàtọ̀ sí ti Sulfuras, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ ju 50 lọ.

Òfin yìí kò le. Kóòdù rẹ̀ ló le. Ara iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìlà 30, ṣùgbọ́n `if` 16 ló wà nínú rẹ̀, òmíràn nínú òmíràn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí ní èdè Python:

```python
if item.name != "Aged Brie" and item.name != "Backstage passes to a TAFKAL80ETC concert":
    if item.quality > 0:
        if item.name != "Sulfuras, Hand of Ragnaros":
            item.quality = item.quality - 1
else:
    if item.quality < 50:
        item.quality = item.quality + 1
```

Wo ìlà àkọ́kọ́. Kò sọ pé "bó bá jẹ́ ọjà lásán". Ó ní "bí kò bá jẹ́ wàràkàṣì, tí kò sì jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì". Ẹni tó ń kà á ní láti rántí ohun tí nǹkan kò jẹ́ kó tó mọ ohun tó jẹ́, kó sì gbé ìrántí náà dání wọ `if` kejì àti ìkẹta. Ibi tó ti ń sú ènìyàn nìyẹn.

Kíkà tó ṣáájú ìṣẹ́

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní kó máa kà á bọ̀ bí ìwé ìtàn. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ bi kóòdù náà.

Èkínní ni pé ta ló ń pè é. Àṣẹ `grep -rn "update_quality" .` yóò fi gbogbo ibi tí orúkọ náà ti jáde hàn. Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo, iṣẹ́ rọrùn. Bó bá jẹ́ ibi ogún, ó ní láti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé kí ni ó ń kà láti ìta: ṣé ó ń wo aago, ṣé ó ń ka fáìlì, ṣé ó ń bi àpamọ́ dátà léèrè? Ẹ̀kẹta, tó ṣe pàtàkì jù, ni pé kí ni ó ń yí padà kó tó parí. Nínú Gilded Rose, ìdáhùn rẹ̀ dùn: `quality` àti `sell_in` nìkan ló ń yí padà, kò sì kan ohunkóhun mìíràn lóde.

Nígbà náà ni wọ́n máa ń mú pẹ́ńsù, kí wọ́n sì kọ ibi tí iye kọ̀ọ̀kan ti ń yí padà sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ẹni tó bá ṣe èyí fún Gilded Rose yóò rí ohun kan tí ojú lásán kì í tètè rí. `quality` ń yí padà lókè, ó tún ń yí padà nísàlẹ̀. Àárín méjèèjì ni `sell_in` ti ń dín ní ọ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé apá òkè ń wo ọjọ́ àná, apá ìsàlẹ̀ ń wo ọjọ́ òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè. Ẹni tó ń ro àmàlà mọ̀ pé omi gbọ́dọ̀ hó kí èlùbọ́ tó wọ ìkòkò. Omi kan náà àti èlùbọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n bí èyí tó yẹ kó kẹ́yìn bá ṣáájú, kò ní di àmàlà. Bẹ́ẹ̀ ni `sell_in` ṣe rí nínú kóòdù yìí.

Feathers tún dá ìmọ̀ràn kan tó wúlò bí ojú kò bá tíì là sí kóòdù náà. Ó ní kí ènìyàn ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó tú u palẹ̀ bó ṣe wù ú, kó yí orúkọ padà, kó gé e, kó lẹ̀ ẹ́, títí yóò fi yé e. Lẹ́yìn náà, kó da ẹ̀dà náà nù. Kò gbọ́dọ̀ fi í ṣiṣẹ́, nítorí kò sí àyẹ̀wò tó ṣọ́ ọ nígbà tó ń tú u. Òye tó wọ orí ló mú, kì í ṣe kóòdù náà.

Kíkọ ohun tí kóòdù ń ṣe sílẹ̀

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìlà kan ṣoṣo, wọ́n ní láti mú àwòrán ohun tí fọ́ńkíṣọ̀n náà ń ṣe lónìí, ire àti ibi rẹ̀. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa ṣe, kì í sì í ṣe ohun tí ìwé sọ pé ó ń ṣe. Ohun tó ń ṣe gan-an ni. Wọ́n á fún un ní oríṣiríṣi ọjà, wọ́n á sì kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì:

```python
for oruko in AWON_ORUKO:
    for ojo in range(-2, 13):
        for iye in range(0, 51):
            oja = Item(oruko, ojo, iye)
            GildedRose([oja]).update_quality()
            print(oruko, ojo, iye, "->", oja.sell_in, oja.quality)
```

Orúkọ mẹ́rin, ọjọ́ 15, ìdára 51: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìlà 3,060. Kọ̀ǹpútà yóò kọ ọ́ tán kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Wọ́n á pe fáìlì náà ní `atijo.txt`, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún un kọ sí `tuntun.txt`, wọ́n á sì ní kí `diff atijo.txt tuntun.txt` fi méjèèjì wé ara wọn. Bí `diff` bá dákẹ́, nínú ohun tí wọ́n dán wò, kò sí ohun tó yí padà. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dúró.

Fáìlì yìí máa ń tú àṣírí. Wá ìlà yìí nínú rẹ̀:

```
Aged Brie 0 10 -> -1 12
```

Wàràkàṣì tí ọjọ́ títà rẹ̀ pé lónìí, tí ìdára rẹ̀ jẹ́ 10, di 12. Ó fi 2 pọ̀, kò fi 1 pọ̀. Ìwé òfin ilé ìtajà náà kò sọ èyí níbì kankan. Ó kàn ní wàràkàṣì ń dára sí i bó ṣe ń gbó. Inú kóòdù nìkan ni òfin yìí ń gbé. Ó lè jẹ́ àṣìṣe ẹni tó kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé onílé ìtajà ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kó tó jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ọ̀jáfáfá ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á rí i, wọ́n á ní àṣìṣe ni, wọ́n á sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó gbọ́n yóò fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, yóò kọ ọ́ sí ìwé, yóò sì lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò le: bí pípín kóòdù àti títún àṣìṣe ṣe bá wọ inú ìgbésẹ̀ kan náà, nígbà tí `diff` bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó fà á. Ìgbésẹ̀ tó ń tún àtò kóòdù ṣe kò gbọ́dọ̀ yí èsì kankan padà. Ìgbésẹ̀ tó ń yí èsì padà gbọ́dọ̀ dá wá, ní ọjọ́ tirẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àyẹ̀wò náà kì í sùn? Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ohun èlò `coverage` wà fún Python. Àṣẹ `coverage run --branch` yóò ṣọ́ ìlà tí àyẹ̀wò kọjá lórí rẹ̀, `coverage report -m` yóò sì dárúkọ èyí tí kò débẹ̀. Èkejì ni kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba kóòdù jẹ́ díẹ̀. Yí ọ̀kan nínú àwọn `50` padà sí `49`, kí o sì tún àyẹ̀wò ṣe. Bí `diff` kò bá pariwo, àyẹ̀wò náà kò rí ibẹ̀, iye tí wọ́n fi dán an wò sì ní láti pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dá `50` padà sáyè rẹ̀.

Pípín rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀

Ó ku iṣẹ́ gan-an. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kéré débi pé ó lè dà bí ohun tí kò nítumọ̀: wọ́n á kó gbogbo ohun tó wà nínú `for` lọ sínú fọ́ńkíṣọ̀n tuntun kan, `update_item`, tó ń mójú tó ọjà kan ṣoṣo. Ìlà kankan kò yí padà, kò sí èyí tó fo èkejì. Wọ́n á tún àyẹ̀wò ṣe. `diff` dákẹ́. Wọ́n á fi `git commit` pa á mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì lọ́gbọ́n nínú. Wọ́n á kọ ìbéèrè kan sórí gbogbo kóòdù náà: ṣé wàràkàṣì ni? Bó bá jẹ́ òun, wọ́n á lẹ odindi kóòdù àtijọ́ síbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òun, wọ́n á lẹ odindi kóòdù kan náà sábẹ́ `else`. Kóòdù di ìlọ́po méjì, ojú ò fẹ́ rí i, ṣùgbọ́n kò sí èsì tó yí padà. Nígbà náà ni wọ́n á wọ ẹ̀dà ti wàràkàṣì, wọ́n á sì máa gé ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ibi tó bá ti ń béèrè pé "ṣé tíkẹ́ẹ̀tì ni?" kò ní ìdáhùn mìíràn ju bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, nítorí náà ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti kú, wọ́n á gé e. Ibi tó bá ti ní "bí kò bá jẹ́ Sulfuras", ìdáhùn rẹ̀ kò lè ju bẹ́ẹ̀ ni lọ. Ìbéèrè á kúrò, iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ á dúró. Wọ́n á gé ọ̀kan, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò, wọ́n á tún gé òmíràn. Ohun tó kù nìyí:

```python
def update_brie(item):
    if item.quality < 50:
        item.quality = item.quality + 1
    item.sell_in = item.sell_in - 1
    if item.sell_in < 0 and item.quality < 50:
        item.quality = item.quality + 1
```

Ìlà márùn-ún lábẹ́ orúkọ tirẹ̀. Òfin tó fara sin náà wá hàn kedere ní ìlà méjì tó kẹ́yìn: bí ọjọ́ bá ti kọjá, wàràkàṣì ń fi ọ̀kan sí i. Ẹni tó ni ilé ìtajà lè wò ó báyìí, kó sọ bóyá ohun tó fẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ṣe bákan náà fún tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà fún Sulfuras, tí fọ́ńkíṣọ̀n tirẹ̀ yóò ṣófo pátápátá. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lábẹ́ `else` ìkẹyìn jẹ́ ti ọjà lásán.

Ṣe àkíyèsí pé `item.sell_in - 1` ṣì wà láàárín, níbi tó wà láti ilẹ̀. Nígbà tí fọ́ńkíṣọ̀n mẹ́ta bá ti ní ìlà yìí kan náà, ọwọ́ á máa yún ènìyàn. Yóò dà bí ẹni pé ohun tó mọ́gbọ́n wá ni kí wọ́n gbé e sókè, sí ibì kan ṣoṣo, kí ọjọ́ kọ́kọ́ dín kí wọ́n tó ṣe ohun mìíràn. Jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá ṣe é. Lára ohun tí `diff` yóò kọ nìyí:

```
< Backstage passes to a TAFKAL80ETC concert 11 20 -> 10 21
> Backstage passes to a TAFKAL80ETC concert 11 20 -> 10 22
```

Tíkẹ́ẹ̀tì tó ku ọjọ́ 11 kò yẹ kó tíì máa fi 2 pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ti kọ́kọ́ dín, ìbéèrè `sell_in < 11` rí 10, ó sì gbà. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì tó ku ọjọ́ 6. Nínú ìlà 3,060, àwọn tó yí padà kò ju 97 lọ, gbogbo wọn ló sì wà ní ọjọ́ 11 àti ọjọ́ 6. Ẹni tó bá fi ọjọ́ 15, 10, 5 àti 0 nìkan dán an wò, bí ìwé òfin ṣe kọ ọ́, kò ní rí nǹkan kan. Àyẹ̀wò rẹ̀ á kẹ́sẹ járí, yóò gbé kóòdù lọ fún oníbàárà, tíkẹ́ẹ̀tì á sì máa gbówó lórí ní ọjọ́ kan ṣáájú ìgbà tó yẹ. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń dán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà wò: 10 àti 11, 5 àti 6, 49 àti 50, 0 àti òdì 1.

Àṣìṣe yìí bá ti Knight Capital ní 2005 tan. Ìlà kan tó pé, tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ni wọ́n gbé ṣáájú ibi tó wà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé níbí, fáìlì kan wà tó sọ fún oníṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá pé ohun tó ṣe kò dára, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ní láti dá padà.

Nígbà tí kóòdù bá ń wo aago

Gilded Rose rọrùn nítorí pé kò kan ohunkóhun lóde. Kóòdù ilé-iṣẹ́ gidi kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ká ní fọ́ńkíṣọ̀n kan ń ṣírò owó ìjìyà fún ẹni tó pẹ́ kó tó san gbèsè, tó sì ń wo ọjọ́ òní fúnra rẹ̀. Èsì rẹ̀ lónìí kò ní bá ti ọ̀la mu. `diff` yóò máa pariwo lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan kóòdù, ariwo tí kò nídìí sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn kọ etí ikún sí èyí tó nídìí.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí wọ́n ṣí ojú kékeré kan sílẹ̀ tí àyẹ̀wò lè gbà fi ọjọ́ tirẹ̀ ránṣẹ́, láì yí ohunkóhun padà fún àwọn tó ti ń pe fọ́ńkíṣọ̀n náà tẹ́lẹ̀:

```python
def owo_ijiya(gbese, ojo_sisan, loni=None):
    loni = loni or date.today()
```

Ẹni tó ń pè é bó ṣe ń pè é láti ọjọ́ yìí kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àyẹ̀wò ní tirẹ̀ yóò máa fún un ní ọjọ́ kan tí kì í yí padà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà fún àpamọ́ dátà àti fún ohun tó ń fi lẹ́tà orí ẹ̀rọ ránṣẹ́: wọ́n á fi ohun kan tó kàn ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀ nígbà àyẹ̀wò. Àtúnṣe díẹ̀ yìí ni wọ́n ní láti ṣe nígbà tí àyẹ̀wò kò tíì sí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kéré débi pé ojú ènìyàn méjì lè yẹ̀ ẹ́ wò tán.

Àyẹ̀wò náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tí wọ́n dán wò nìkan ló lè ṣọ́. Kò lè sọ bóyá kóòdù náà ti di ohun tó yára tàbí ohun tó fà. Bí fọ́ńkíṣọ̀n bá ń kọ nǹkan sí àpamọ́ dátà ní ẹ̀ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan, tí èsì tó dá padà sì jẹ́ ọ̀kan náà, `diff` kò ní mọ̀, àfi bí wọ́n bá kọ iye ìgbà tó kọ ọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kẹta, ìyẹn kí ni ó ń yí padà, fi gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn kíkún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ló kù tí ọ̀rọ̀ Knight Capital fi kọ́ni, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn iṣẹ́ pípín. Bí kíkà bá fi hàn pé apá kan kóòdù kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìgbésẹ̀ tó dá wà. `git` yóò tọ́jú rẹ̀ bí ẹnì kan bá tún nílò rẹ̀ lọ́la. Bí wọ́n bá ti yọ Power Peg kúrò ní 2003, kò ní sí ohun tí àmì àtijọ́ yóò jí. Èkejì ni pé nígbà tí kóòdù tuntun bá fẹ́ lọ sórí sáfà, kí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó gbé e lọ fojú rí i pé gbogbo sáfà ló ní ẹ̀dà kan náà. Àjọ SEC sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé Knight Capital kò ní kí ẹnì kejì yẹ iṣẹ́ náà wò. Wọ́n san ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là.

Bí fọ́ńkíṣọ̀n ńlá kan bá wà níbi iṣẹ́ rẹ tí gbogbo ènìyàn ń sá fún, má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lónìí. Ṣe `atijo.txt` rẹ̀ ná, fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbogbo ààlà sí i, kí o sì mọ̀ọ́mọ̀ ba ìlà kan jẹ́ láti rí i pé `diff` jí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó gbé ìlà àkọ́kọ́.